Oko Tí A Fi Sílẹ̀: Bí Igbó Ṣe Ń Padà, àti Ohun Tí Ọjọ́-Orí Oko Kò Lè Sọ

Ọ̀rọ̀ oko ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe oko tí à ń ro lọ́wọ́. Oko tí wọ́n ti pa tì ni. Bàbá kan gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ kan fún ọdún mélòó kan, ilẹ̀ náà ṣá, èpò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá kó àdá àti ọkọ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Láti ọjọ́ tó ti kẹ́yìn sí i, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ewéko wo ló kọ́kọ́ dé, èwo ló tẹ̀ lé e, ìgbà wo sì ni ibẹ̀ yóò tún padà di igbó? Ìbéèrè kejì wà lẹ́yìn ìyẹn, òun ló sì ká mi lára jù: nígbà tó jẹ́ pé àtidi igbó gidi lè gbà ju ọjọ́ ayé ènìyàn kan lọ, ta ló jókòó tì í títí tó fi mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko máa ń sọ pé ewéko kan a máa gba ipò òmíràn lórí ilẹ̀, bí ìjọba ṣe ń tẹ̀ lé ìjọba. Ìrọ́pò ni màá máa pè é. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Bí kò bá sí erùpẹ̀ rárá níbẹ̀, tí ó jẹ́ àpáta lásán tàbí yanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dà sílẹ̀, tí kò sí irúgbìn tàbí gbòǹgbò kankan tó ṣẹ́kù, ìrọ́pò àkọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí ti rí i: ara àpáta tí ó dúdú fún àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà àwọn koríko líle tó ta gbòǹgbò mọ́ àpáta bí ẹní, tí wọ́n ń dá erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dúró sábẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni. Ṣùgbọ́n bí igbó tàbí oko bá ti wà níbẹ̀ rí, tí a kàn gé e tàbí pa á tì, tí erùpẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀, ìrọ́pò àtúnbẹ̀rẹ̀ la pè é.

Oko tí a pa tì, ti àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ máa ṣọ́ra, nítorí méjèèjì lè wà lórí ilẹ̀ kan náà. Bí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà bá wá wa yangí ní igun oko náà, tí katakata ha erùpẹ̀ òkè kúrò títí tó fi kan ilẹ̀ pupa líle, ihò náà ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ àtúnbẹ̀rẹ̀. Kò sí kùkùté níbẹ̀, kò sí irúgbìn tó sùn sínú ilẹ̀, kò sí ekòló. Ọdún kan náà ni wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀, síbẹ̀ bí oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń ní igi tó ga ju ilé lọ, koríko ṣákaṣàka la ó ṣì máa bá nínú ihò yangí. Ọjọ́-orí méjèèjì dọ́gba, ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó tún kàn án níwájú.

Kí wá ni àgbẹ̀ fi sílẹ̀ nínú oko nígbà tó ń lọ? Ó pọ̀ ju ohun tí ojú ń rí lọ. Nínú oko tí a fi ọkọ́ àti àdá ro, kùkùté igi pọ̀ níbẹ̀ tí kò kú. Ẹ tẹ̀ ba síbi kùkùté àyùnrẹ́ tí wọ́n gé lọ́dún tó kọjá, ẹ ó rí i pé ọ̀mùnú mẹ́rin tàbí márùn-ún ti yọ yí etí rẹ̀ ká, gbòǹgbò àtijọ́ ló ń bọ́ wọn, torí náà wọ́n máa ń ga ju igi tó ti inú irúgbìn hù lọ. Lẹ́yìn kùkùté, irúgbìn wà nínú ilẹ̀ tó ń dúró de oòrùn. Irúgbìn igi àgá àti ti àfẹ̀ kéré gan-an, wọ́n sì lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìkú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àlejò: èyí tí atẹ́gùn gbé wá, bí irúgbìn arère àti ti àfàrà tó ní apá, àti èyí tí ẹyẹ àti àdán jẹ tí wọ́n sì yàgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àdán ló ń gbin púpọ̀ nínú ìrókò wa.

Ní ọdún kìíní, èpò oko fúnra rẹ̀ ló ń jọba: imí-eṣú, yúnyun, koríko lóríṣiríṣi, àti ẹ̀gẹ́ tí wọn kò wú tán. Kí ọdún kejì tó parí, ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ilẹ̀ igbó wa, ewé Akíntọ́lá ti bo gbogbo rẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: ó ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀ka rẹ̀ ń dì mọ́ra wọn, òdòdó rẹ̀ funfun tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀, irúgbìn rẹ̀ sì ń fò bí òwú lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ń fún ilẹ̀ ní ewé jíjẹrà púpọ̀, ó sì ń ṣíji bo ẹ̀kan, koríko olórí abẹ́rẹ́ tó ń gún ni lẹ́sẹ̀, títí ẹ̀kan á fi rọ. Nítorí èyí, àgbẹ̀ mìíràn fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń fún igi kéékèèké lọ́rùn, ó sì ń jó bí ìṣáná bí iná bá kàn án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Igi tó bá rí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ yọ lókè ló ni ọdún tó tẹ̀ lé e. Àfẹ̀, àgbàásà àti àgá ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo igi àgá dáadáa bí ẹ bá rí i. Gbòǹgbò rẹ̀ dìde dúró kúrò nílẹ̀ bí ẹsẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn, èyí tó bá sì gbẹ bọ́ sílẹ̀ máa ń pariwo lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti ga ju ilé alájà lọ. Àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kò ní rí i. Oòrùn ni irúgbìn àgá ń fẹ́, òjìji àgá fúnra rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ hù. Ọmọ àwọn igi mìíràn tó lè fara da òjìji lẹ ó bá níbẹ̀. Nígbà tí àgá bá tó nǹkan bí ogún ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn tó ti ń dúró lábẹ́ rẹ̀ á sì gba ipò. Bí ìrọ́pò ṣe ń rìn nìyẹn lójú tiwa gan-an: ẹni tó tètè dé ló tún ilé ṣe fún ẹni tí yóò lé e jáde.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè kejì. Ta ló rí gbogbo èyí? Kò sí ẹni tó dúró síbi oko kan fún ọgọ́rin ọdún láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá oko tí a pa tì ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní agbègbè kan: ọ̀kan tó ti tó ọdún kan, òmíràn ọdún mẹ́ta, òmíràn ọdún méje, títí dé igbó àgbà. Wọ́n á tò wọ́n ní ìtẹ̀léra, wọ́n á wá kà wọ́n bí ẹni pé oko kan ṣoṣo ló ń dàgbà. Ìlà-ọjọ́-orí la ó máa pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ikọ̀ kan ti Yunifásítì Kembríìjì wá sí gúúsù Nàìjíríà ní 1935, wọ́n ṣe iṣẹ́ nínú igbó Ọba ti Ṣàṣá, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ross sì tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà lórí àwọn oko àtijọ́ tó wà níbẹ̀ jáde ní 1954. Ní 1981, Aweto, onímọ̀ ti Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde lórí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà: ilẹ̀ tó ti sinmi fún ọdún 1, 3, 7 àti 10, pẹ̀lú igbó tó gbó. Kì í ṣe ewéko nìkan ló wò, ó wo erùpẹ̀ náà, bóyá ọ̀rá ilẹ̀ ń padà.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ohun tí ọgọ́rin ọdún kò ní jẹ́ ká rí, a lè rí i láàárín oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, ohun tí a ṣe kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn lọ sí ilé mẹ́rin, kó mú ọmọ ọdún méjì ní ilé kan, ọmọ ọdún mẹ́fà ní ilé kejì, ti ọdún méjìlá ní ilé kẹta, àti géńdé ní ilé kẹrin, kó tò wọ́n, kó wá sọ pé bí ọmọ kan ṣe ń dàgbà nìyí. Bí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń jẹ oúnjẹ kan náà, tí òbí wọn rí bákan náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè sún mọ́ òótọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàtọ̀ ilé ni yóò pè ní ìdàgbà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kó yé wa. Ká ní a yan oko mẹ́rin ní abúlé kan, tí ọjọ́-orí wọn jẹ́ ọdún 2, 6, 12 àti 25. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi okùn wọn pulọ́ọ̀tì mítà 20 sí mítà 20, a kan irin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo igi tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní ibi tó ga tó mítà 1.3 sílẹ̀, ìyẹn ní gbèdéke àyà, la ó kà tí a ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ lè fi téèpù télọ̀ yí ara igi náà ká: bí ó bá ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 31, ó ti wọlé. A ó tún wọn pulọ́ọ̀tì kékeré sínú ńlá yẹn fún igi tó ṣì kéré, àti ti mítà kan sí mítà kan fún koríko àti èpò. Lẹ́yìn náà, a ó bu erùpẹ̀ ní ibi mẹ́wàá, láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 10, a ó pò ó pọ̀, a ó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ká ní èsì ọ̀rá ilẹ̀ dé báyìí, nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni o: ìpín 2 nínú 100 ní oko ọlọ́dún 2, 2.4 ní ọlọ́dún 6, 3 ní ọlọ́dún 12, àti 4 ní ọlọ́dún 25. Ojú ẹsẹ̀ ni ènìyàn yóò fẹ́ fa ìlà gbọọrọ sórí ìwé, kó ní ilẹ̀ ń gbà padà lọ́dọọdún. Ẹ ní sùúrù ná. A tún bu erùpẹ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, a ní kí wọ́n wo iye yanrìn inú rẹ̀. Yanrìn tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ sí i, kì í sì í dín kù, nítorí pé oko sinmi fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún. Bí ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ ìran kan náà, yanrìn wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Èsì dé: 78 nínú 100, 77, 79, àti 60. Oko ọlọ́dún 25 ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ilẹ̀ alámọ̀ ni, amọ̀ sì máa ń di ọ̀rá ilẹ̀ mú ju yanrìn lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá ibẹ̀ ti pọ̀ ju ti àwọn tó kù lọ láti ọjọ́ tí àgbẹ̀ ti ń ro ó. Ohun tí a lè fi ẹ̀rí ọkàn sọ ni pé, láàárín ọdún 2 àti 12, ó jọ pé ọ̀rá lọ láti 2 sí 3. Ti ọlọ́dún 25, a kò lè dá a lẹ́jọ́ pé ọjọ́-orí ló fà á. Àyẹ̀wò yanrìn yìí kò wọ́n, mo sì gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìlà-ọjọ́-orí jáde láìṣe é.

Ibẹ̀ gan-an ni àìlera àkọ́kọ́ tí ìlà-ọjọ́-orí ní ti wá. Àgbẹ̀ kì í ṣẹ́ gègé kó tó mọ oko tí yóò pa tì. Ilẹ̀ tó dára sún mọ́ ilé, kì í sinmi pẹ́. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ti padà sí i. Ilẹ̀ wo ló wá ń dé ọdún 25 láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án? Èyí tó jìnnà, èyí tó kún fún àpáta, èyí tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, èyí tí ẹbí méjì ń ṣẹjọ́ lé lórí, tàbí èyí tó súnmọ́ igbó orò. Torí náà, bí a bá lọ láti oko kékeré sí oko àgbà, kì í ṣe ọdún nìkan ló ń yí padà, irú ilẹ̀ náà ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo la ní fún ọjọ́-orí kọ̀ọ̀kan, a kò ní ọ̀nà kankan láti ya ọdún kúrò lára ilẹ̀. Ó kéré tán, ká ní mẹ́ta fún ọjọ́-orí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì wà ní ìtòsí ara wọn.

Àìlera kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí àyẹ̀wò erùpẹ̀ tó lè wò ó sàn. Ìgbà fúnra rẹ̀ ń yí padà. Ewé Akíntọ́lá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àlejò ni. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀, ó sì wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930, pẹ̀lú irúgbìn igi mẹlánà tí wọ́n kó wá láti erékùṣù tí à ń pè ní Sìrì Láńkà lónìí. Nígbà tí ikọ̀ 1935 ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàṣá, kò tíì sí i níbẹ̀. Àwọn oko àtijọ́ tí wọ́n wò di igbó láìjẹ́ pé wọ́n la abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Aweto ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ewé náà ti gba gbogbo oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpatì. Bí ẹnikẹ́ni bá fi oko ọlọ́dún 2 ti òde òní síwájú, tó wá fi igbó ọlọ́dún 90 tẹ̀ lé e, ohun tó ń sọ ni pé oko yìí yóò di igbó yẹn. Ṣé yóò rí bẹ́ẹ̀? Igbó àgbà yẹn kò fìgbà kan dà bí oko yìí rí. Ọ̀nà tí ó gbà ti pa dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń gbé irúgbìn. Igi tí èso rẹ̀ tóbi ń fẹ́ ẹyẹ ńlá bí àtíòro, ó ń fẹ́ ọ̀bọ. Oko tí wọ́n pa tì ní 1950 sábà máa ń ní ẹgàn nítòsí, tí ẹranko inú rẹ̀ ń gba orí oko kọjá. Ti òde òní lè ní kìlómítà mẹ́wàá ẹ̀gẹ́ àti ilé yí i ká. Àti iná: ní ọ̀gbẹlẹ̀ líle ti 1983, iná jó oko kòkó àti igbó káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Oko tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dún yẹn lẹ́yìn iná, tí kùkùté rẹ̀ ti jóná dé gbòǹgbò, kò lè jọ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dún tí òjò rọ̀ dáadáa.

Ọjọ́-orí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnu àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá kan ìgbà tó pa oko yìí tì, yóò ní, “Ó ti tó ogún ọdún.” Ogún ọdún yẹn lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ó lè jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ènìyàn máa ń fi iye sí orí mẹ́wàá àti ogún. Ohun tó ń ran ni lọ́wọ́ ni kí a má béèrè iye ọdún, kí a béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ṣé ogun abẹ́lé ti parí? Ṣé owó Udoji ti jáde? Ṣé kí wọ́n tó pààrọ̀ owó ní 1984 ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ìdìbò June 12 ti wáyé? Lẹ́yìn náà, ká fi fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà láti òkè yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 1972 ni sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé. Àmọ́ ìkùukùu pọ̀ lójú ọ̀run wa, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò ní fọ́tò tó mọ́ ní apá gúúsù. Bí ẹnu àgbẹ̀ àti fọ́tò bá ta kora, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀, kí a má kàn yan èyí tó bá ìlà wa mu.

Ohun kan tún wà tí ìlà-ọjọ́-orí máa ń fi pamọ́ pátápátá, ìyẹn ni àwọn oko tí kò rìn. Ní àríwá ilẹ̀ Yorùbá, ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ṣakí, oko tí iná ń jó lọ́dọọdún lè di ilé ẹ̀kan, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Oko tí katakata hú gbogbo kùkùté rẹ̀ kúrò lè wà nínú Akíntọ́lá pẹ́ ju èyí tí a fi ọkọ́ ro lọ. Bí a bá ń wá “oko ọlọ́dún ogún” láti fi sínú ìlà wa, ojú wa á lọ síbi tí igi wà, a ó sì fo irú àwọn oko yìí kọjá nítorí pé wọn kò jọ ohun tí a rò pé ọlọ́dún ogún yẹ kó jọ. Lẹ́yìn náà a ó ní igbó máa ń padà. Ó dájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó padà nìkan la kà.

Igbó àgbà tí a fi sí òpin ìlà náà, tí a ń pè ní igbó tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí, ẹ jẹ́ ká wo òun náà. Ní Òkòmù, lágbègbè Ìbíní, igbó kan wà tí gbogbo ènìyàn gbà pé ti ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Nígbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jones gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, tó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1955 àti 1956, èédú àti àpáàdì ló bá lábẹ́ àwọn igi gẹdú. White àti Oates padà síbẹ̀, wọ́n sì sọ ní 1999 pé èédú àti àpáàdì yẹn wà káàkiri lábẹ́ igbó náà, pé ó tó nǹkan bí 700 ọdún tí àwọn ènìyàn ti dá oko níbẹ̀. Igbó tí a fi ń wọn oko wa, òun náà oko ni nígbà kan. Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lójú ọ̀nà, kó má tíì dé ibi tó ń lọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ìlà-ọjọ́-orí ti ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ní Aláskà, ní ẹkùn omi tí wọ́n ń pè ní Gíléṣà Béè, yìnyín ńlá ti ń fà sẹ́yìn láti nǹkan bí 1750, tí ó ń fi òkúta àti yanrìn lásán sílẹ̀. Ìrọ́pò àkọ́bẹ̀rẹ̀ gidi ni. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Cooper lọ síbẹ̀, ó sì sàmì sí àwọn pulọ́ọ̀tì kan ní 1916. Ìtàn tó wọ inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ayé ni pé igi ọ́ldà máa ń dé, á fún ilẹ̀ ní náítírójìn, lẹ́yìn náà ni igi sípúrúùsì yóò rọ́pò rẹ̀. Ní 1995, Fastie gbé àbọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde: ó ti gún inú àwọn igi náà, ó ka òrùka ọdún wọn. Ó rí i pé sípúrúùsì tètè dé sí àwọn ibi tó dàgbà jù, nítorí igbó àtijọ́ sún mọ́ wọn. Àwọn ibi wọ̀nyí kò fìgbà kan wà lábẹ́ igbó ọ́ldà dídí tó bo àwọn ibi tí ọjọ́-orí wọn kéré lónìí. Wọ́n ti to àwọn ibi tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, wọ́n sì pè wọ́n ní ọ̀nà kan. Ohun tí ihò yangí wa kọ́ wa náà nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rí tó lágbára jù fi jẹ́ ti ibi kan ṣoṣo tí a ń wò léraléra. Ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn Ròtámústẹ́ẹ̀dì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi igun kan nínú oko àlìkámà wọn sílẹ̀ láìkórè ní 1882. Láàárín ọdún mẹ́rin, àlìkámà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá, èyí tó kù kò sì ga. Igbó ló wà ní apá kan rẹ̀ lónìí, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn tiwa, nígbà tí wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní 1967, oko àti abúlé ló wà lórí ilẹ̀ nǹkan bí hẹ́kítà 1,000 tí wọ́n gbà. Apá kan tí wọn kò ro, tó tó hẹ́kítà 350, ti di igbó. Ibẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tò ó mọ́ oko mìíràn kó tó sọ ìtàn ara rẹ̀.

Ṣé kí a wá da ìlà-ọjọ́-orí nù ni? Rárá. Ní 2021, Poorter àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ mìíràn kó ìlà-ọjọ́-orí láti agbègbè 77 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ a máa gbà padà láàárín ọdún mẹ́wàá, pé ìtò igbó àti iye irú igi inú rẹ̀ ń gba ọdún 25 sí 60, àti pé kí irú igi tó wà níbẹ̀ tó bá ti igbó àgbà dọ́gba, ó ń gba ju ọdún 120 lọ. Ètò tí wọ́n tò sí, pé erùpẹ̀ ló ń ṣíwájú, tí àwọn irú igi sì ń kẹ́yìn, mo gbà á gbọ́, nítorí ó jáde ní ibi púpọ̀ tí ilẹ̀ wọn kò jọra. Iye ọdún náà ni mi ò ní fi búra fún oko kankan. Ìdánwò tó tọ́ ni pé, bí a bá rí oko ọlọ́dún 6 lónìí, kí a padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, kí a wò ó bóyá ó ti jọ oko ọlọ́dún 12 tí a fi síwájú rẹ̀ nínú ìlà. Bí kò bá jọ ọ́, ìlà náà ló ṣìnà, kì í ṣe oko.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ní oko tí ẹ kò ní ro mọ́, ẹ bá wa ṣe èyí. Ẹ kan irin mọ́ igun mẹ́rin ibì kan tó tó mítà 20 sí mítà 20. Ẹ kọ ọdún tí ẹ pa á tì sínú ìwé, ohun tí ẹ gbìn kẹ́yìn, bóyá ọkọ́ ni ẹ fi ro ó tàbí katakata, bóyá iná ti jó o. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti igun kan náà ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, kí ẹ sì fi ìwé náà lé ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ tí yóò máa bá a lọ.